Bẹ́ ẹ ṣe máa ka ṣáàtì sáìsì tí íǹṣì ò fi ní tàn yín jẹ

Àǹtí kan láti Ìgbógbó gbé gáùn kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, Ìkòròdú níbí, Wẹ́sìdeè ni, ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀ dẹ̀ ni Sátidé tó ń bọ̀. Gáùn yẹn rẹwà, mi ò ní purọ́, léèsì tó ní lááníìnì nínú, aṣọ tí kì í fà rárá, orí fóònù ló ti rà á, Ṣáínà ló ti wá. Síìpù ẹ̀yìn ẹ̀ gòkè dé ìdajì ló bá dúró pa. Mo ní kó fa èémí sínú, ó fà á sínú, síìpù gòkè, kò wá lè mí síta mọ́. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣebí mo wọn ara mi o, àyà mi 41, mo wá mú èyí tí wọ́n kọ 43 sí kó lè fi àyè sílẹ̀. Kí ló wá dé?"

Kò purọ́, 43 ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́. Ó fi ṣáàtì náà hàn mí lórí fóònù ẹ̀. Òǹkà gígùn aṣọ àti èjìká náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n báyìí ni ti àyà aṣọ ṣe rí:

```
M      96 cm    38 in
L     100 cm    39 in
XL    104 cm    41 in
XXL   108 cm    43 in
3XL   112 cm    44 in
```

Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó kà síwájú. Ẹ wo ọwọ́ íǹṣì yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láti 38 sí 39, íǹṣì kan ni. Láti 39 sí 41, méjì. 41 sí 43, méjì. 43 sí 44, ó tún di ẹyọ kan. Ta ló ń gé aṣọ báyẹn? Ó ṣòro kẹ́ ẹ rí ilé iṣẹ́ aṣọ tó máa fẹ sáìsì kan pẹ̀lú íǹṣì kan, kó fẹ èyí tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú méjì, kó tún wá padà sí ẹyọ kan. Ẹ wá wo ọwọ́ sẹ̀ńtímítà: 96, 100, 104, 108, 112, mẹ́rin mẹ́rin ló ń lọ, kò yẹsẹ̀. Òun ni wọ́n fi gé aṣọ. Íǹṣì yẹn, ẹnì kan ló jókòó tó ń pín in lórí kọ̀ǹpútà, tó wá ń gé pọ́ìntì ẹ̀yìn ẹ̀ dànù kó lè mọ́ lójú.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́: kẹ́ ẹ tó mú téèpù rárá, ẹ wá ọwọ́ tó jẹ́ ojúlówó lórí ṣáàtì yẹn. Èyí tí ìṣísẹ̀ ẹ̀ bá dọ́gba ni ojúlówó, èyí tó ń ta gọ́ígọ́í ni ẹ̀dà. Ọ̀pọ̀ ọjà tó ń ti Ṣáínà wá, sẹ̀ńtímítà ni ojúlówó ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ra ọjà àwọn ará Amẹ́ríkà, ó lè yí padà, ẹ lè rí 36, 38, 40 lọ́wọ́ íǹṣì, kẹ́ ẹ wá rí 91, 97, 102 lọ́wọ́ sẹ̀ńtímítà. Ẹ rí i pé lọ́tẹ̀ yìí, sẹ̀ńtímítà ló ń fò mẹ́fà tó tún ń fò márùn-ún, a jẹ́ pé íǹṣì ni wọ́n fi gé tiẹ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́ ojúlówó, òun nìkan lẹ máa lò látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀dà yẹn, ẹ ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Nígbà míì ẹ̀dà náà á gbìyànjú, á kọ 37.8 àti 39.4, ìyẹn dáa ju 38 àti 39 lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dà náà ni.

Ohun kejì: ṣé òǹkà ara ni àbí òǹkà aṣọ? Èyí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, ó dẹ̀ yẹ ká ṣe sùúrù fún un. Ṣáàtì míì ń sọ pé "ẹni tí àyà ẹ̀ bá jẹ́ báyìí ni kó mú sáìsì yìí," ìyẹn òǹkà ara, wọ́n ti ro àyè mọ́ ọn fún yín tẹ́lẹ̀. Ṣáàtì míì dẹ̀ ń sọ bí aṣọ fúnra ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ẹ̀yin lẹ máa ro àyè fúnra yín. Tí wọn ò bá kọ èwo ni, ẹ wo ohun tó kù níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí gígùn aṣọ, gígùn apá, fífẹ̀ èjìká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé aṣọ ni wọ́n wọ̀n. Tó bá jẹ́ àyà, wéésì, híìpù àti gíga èèyàn nìkan ló wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara. Tí kò bá ṣì yé yín, ẹ bi ẹni tó ń tà á. Ti Àǹtí Ìgbógbó yìí, gígùn aṣọ àti èjìká wà níbẹ̀, òǹkà aṣọ ni.

Fún gáùn tí kì í fà, tó máa mọ́ra díẹ̀, èmi máa ń fi bí íǹṣì méjì sílẹ̀ ní àyà, ìyẹn sẹ̀ńtímítà márùn-ún. Tó bá jẹ́ bùbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé a máa ń fi sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Aṣọ tó ń fà bí ẹni ń na rọ́bà, ìyẹn ọ̀rọ̀ míì, ó tiẹ̀ lè kéré sí ara kó ṣì wọ̀.

Ohun kẹta: ẹ yí téèpù yín padà. Ohun tó máa gba ọ̀pọ̀ nínú yín lọ́wọ́ wàhálà nìyẹn, ó dẹ̀ rọrùn débi pé àwọn èèyàn kì í rántí ẹ̀. Téèpù télọ̀ yìí, íǹṣì wà lójú kan, sẹ̀ńtímítà wà lójú kejì. Tí ojúlówó bá jẹ́ sẹ̀ńtímítà, ojú sẹ̀ńtímítà ni kẹ́ ẹ fi wọn ara yín, kò ní sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yí sí nǹkan kan. Èmi náà, íǹṣì ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́, ojú yẹn lojú mi mọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ká ra nǹkan lórí fóònù, mo ti ń yí i padà.

Ẹ kọ́kọ́ dán téèpù yẹn wò ṣá. Àwọn téèpù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà káàkiri yìí máa ń fà tó bá pẹ́, irin etí ẹ̀ sì máa ń yọ, ẹlòmíì á wá gé e, òǹkà yín á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ. Ẹ na ojú íǹṣì sórí tábìlì, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ àti ibi 50. Ẹ wá yí ojú kejì padà, kẹ́ ẹ rí i dájú pé ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, torí pé nínú téèpù míì, etí òdìkejì ni sẹ̀ńtímítà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi ṣọ́ọ̀kì kejì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ 127 géérégé. Tí kò bá jẹ́ 127, ojú méjèèjì ń bára wọn jà, ẹ ra òmíì. Tó bá dọ́gba, ẹ tún gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà àwọn ọmọ iléèwé, torí pé téèpù tó ti fà, ojú méjèèjì ẹ̀ jọ fà ni, wọ́n á ṣì bára wọn mu. 30 téèpù gbọ́dọ̀ bá 30 rúlà mu.

Ibi tí 127 yẹn ti wá ni pé íǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ńtímítà 2.54. Kì í ṣe pé ó súnmọ́ ọn o, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí gan-an, ọdún 1959 ni Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba àtàwọn orílẹ̀-èdè kan fẹnu kò sí yáàdì kan pé mítà 0.9144 ni kó máa jẹ́, yáàdì dẹ̀ jẹ́ íǹṣì 36, tẹ́ ẹ bá pín in, 2.54 náà lẹ máa rí. Torí náà ẹ má fi 2.5 ṣírò. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti fọkàn ṣe, ṣùgbọ́n íǹṣì 43 lọ́nà 2.5 á fún yín ní 107.5, nígbà tó jẹ́ pé 109.2 ni. Sẹ̀ńtímítà kan àti ààbọ̀ ó lé ti lọ báyẹn, ìyẹn tó ìdá kan nínú mẹ́ta àyè tẹ́ ẹ fẹ́ fi mí.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ àǹtí wa. Mo ní kó dìde, mo wọn àyà ẹ̀. Téèpù ò dúró sí 41, ó kọjá 41 pẹ̀lú ìlà kékeré mẹ́ta. Ó ní "ẹ̀n-ẹ́n, 41 náà kọ́?" Rárá o. Láàárín íǹṣì kan sí òmíì, ẹ ka àyè tó wà níbẹ̀, nínú èyí tó pọ̀ jù nínú téèpù wa, mẹ́jọ ni. Ìlà mẹ́ta nínú mẹ́jọ jẹ́ 0.375. Nítorí náà 41.375 ni àyà ẹ̀, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 105.1. Ó ti sọ nǹkan bí sẹ̀ńtímítà kan nù kó tó ṣí fóònù ẹ̀ rárá.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni 43 yẹn. Aṣọ 108 ni, 108 tẹ́ ẹ bá fi 2.54 pín in á fún yín ní 42.5 àti díẹ̀. Ẹni tó kọ ṣáàtì gbé e sókè di 43. 43 gidi jẹ́ 109.2. Sẹ̀ńtímítà kan ó lé díẹ̀ tún ti lọ.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo tẹ́ gáùn yẹn sórí tábìlì, mo pa síìpù ẹ̀ dé, mo wọ̀n ọ́n láti abẹ́ apá kan dé abẹ́ apá kejì, ó jẹ́ 53.5. Ìlọ́po méjì ẹ̀ jẹ́ 107. Wọ́n pè é ní 108, 107 ló wá. Èyí kì í ṣe jìbìtì, wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ṣáàtì pé ó lè fi sẹ̀ńtímítà kan sí méjì yàtọ̀ torí pé ọwọ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ta ló ń ka ìsàlẹ̀ ṣáàtì?

Ẹ wá ro ó pọ̀. Ohun tó nílò jẹ́ 105.1 àti 5 fún àyè, ìyẹn bíi 110. Ohun tó rí gbà jẹ́ 107. Nínú íǹṣì méjì tó rò pé òun fi sílẹ̀, kò ku íǹṣì kan, bíi sẹ̀ńtímítà méjì péré ló kù, léèsì àti lááníìnì náà dẹ̀ ń jẹ níbẹ̀. Kò sí ọ̀kankan tó tóbi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ apá ibì kan náà ni gbogbo wọn dojú kọ, wọ́n ń jẹ gáùn yẹn kù láti ẹ̀yìn. Ká ní ọ̀kan lọ sókè tí èkejì lọ sílẹ̀ ni, wọ́n ì bá pa ara wọn rẹ́, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, á tún máa sọ fáwọn èèyàn pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń mú sáìsì.

Òfin tèmi lórí sísọ nǹkan di odidi nìyí: tó bá pọn dandan, ẹ gbé òǹkà ara sókè, ẹ já òǹkà aṣọ wálẹ̀. Ara 41 àti ìlà mẹ́ta, tẹ́ ò bá fẹ́ kọ ìlà, ẹ pè é ní 41 àbọ̀, ẹ má pè é ní 41 láéláé. Aṣọ 42.5, ẹ lè pè é ní 42, ẹ má pè é ní 43. Báyẹn tẹ́ ẹ bá ṣì í, aṣọ á ṣẹ́kù díẹ̀, télọ̀ á fà á mọ́ra fún yín láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Aṣọ tó kéré, kí la fẹ́ ṣe fún un? Ojú rírán aṣọ tí wọ́n rán tà kì í sábà ju bíi sẹ̀ńtímítà kan lọ nínú, tẹ́ ẹ bá tú u, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ rí níbẹ̀.

Ohun tó tún dáa jùyẹn ni kẹ́ ẹ má sọ ọ́ di odidi rárá títí dópin. Ẹ kọ pọ́ìntì ẹ̀ bó ṣe wà, ẹ ro àyè mọ́ ọn, ẹ fi wé ṣáàtì, ìgbà yẹn lẹ tó máa yan sáìsì. Odidi kan ṣoṣo tó yẹ kó wà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni orúkọ sáìsì tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀.

Ibì kan wà tí àṣìṣe máa ń di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fetí sí èyí. Ṣáàtì míì kì í kọ 108, ó máa kọ 54, torí pé wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ni wọ́n wọn iwájú nìkan. 54 jẹ́ íǹṣì 21.26. Ẹnì kan á ní "ó tó 21 àbọ̀ náà," á wá sọ ọ́ di méjì, 43. Òmíì á ní "21 ni," á sọ ọ́ di 42. Aṣọ kan náà o, ẹni méjì, íǹṣì kan gbáko láàárín wọn, òótọ́ dẹ̀ wà láàárín, 42.5. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní sẹ̀ńtímítà, 54 àti 54, 108, kẹ́ ẹ tó yí i, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ yí i.

Ẹ̀yin télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, èyí kàn yín jù: pọ́ìntì lórí kálíkúlétọ̀ kì í ṣe ìlà lórí téèpù. Mo ti rí ọmọṣẹ́ tó tẹ 108 pín 2.54, fóònù ní 42.5, ó lọ sórí téèpù, ó ka 42, ó ka ìlà márùn-ún, ó sàmì. Ìlà márùn-ún nínú mẹ́jọ jẹ́ 0.625. 42.5 jẹ́ 42 àti ìlà mẹ́rin, ìdajì íǹṣì. Bẹ́ẹ̀ náà ni 37.8 kì í ṣe 37 àti ìlà mẹ́jọ, ìlà mẹ́jọ ti di 38 nìyẹn. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ mú ohun tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì, kẹ́ ẹ fi 8 lọ́nà ẹ̀:

```
0.5 × 8 = 4
0.8 × 8 = 6.4
```

Fún 37.8, ìlà mẹ́fà ó lé díẹ̀. Lójú sẹ̀ńtímítà kò sí wàhálà yìí, àyè mẹ́wàá ló wà láàárín nọ́ńbà méjì, 53.5 lórí fóònù náà ni 53 àti ìlà márùn-ún lórí téèpù.

Kí ló wá yẹ kí àǹtí wa mú? Ó nílò 110. XXL jẹ́ 108, kò tó. 3XL jẹ́ 112, tá a bá wá yọ sẹ̀ńtímítà méjì tí wọ́n ní ó lè fi yàtọ̀ kúrò lára ẹ̀, á ku 110, ó ṣe rẹ́gí. 3XL ni. Inú ẹ̀ ò dùn sí orúkọ yẹn, ó ní òun ò sanra tó bẹ́ẹ̀, mo ní ta ló fẹ́ ka léébù ẹ̀ nínú pátì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún wéésì àti híìpù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá wá ń pe sáìsì tó yàtọ̀, èyí tó tóbi jù lẹ máa mú, ẹ jẹ́ ká dín èyí tó kù. Èjìká nìkan lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún, torí pé aṣọ tó bá fẹ̀ lórí èjìká kì í rọrùn láti dín. Gígùn ò le, ẹ sọ ọ́ di odidi bó ṣe wù yín, a máa ká etí ẹ̀.

Ti Sátidé yẹn, ọjọ́ ti lọ, kò sáyè àtipààrọ̀. Mo tú síìpù ẹ̀yìn yẹn kúrò, mo fi ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo fi okùn há a bí ẹní há bàtà, mo fi aṣọ kékeré sábẹ́ ẹ̀ kí ara má bàa hàn. Ó gba gbogbo alẹ́ Tọ́sìdeè lọ́wọ́ mi, jẹnẹrétọ̀ dẹ̀ lọ̀pọ̀ ẹ̀, owó iṣẹ́ náà ò dẹ̀ kéré.

Tí tiyín bá dé, kẹ́ ẹ tó yọ léébù, kẹ́ ẹ tó gbé e wọ̀ rárá, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ pa síìpù dé, ẹ má nà án, ẹ wọ̀n ọ́n láti abẹ́ apá dé abẹ́ apá pẹ̀lú ojú sẹ̀ńtímítà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tó bá fi ju ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ṣáàtì lọ yàtọ̀, ẹ ya fọ́tò téèpù yẹn níbi tó wà lórí aṣọ, kí nọ́ńbà hàn dáadáa, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á lọ́jọ́ yẹn gan-an.